Wọ́n Ti Sọ Pé Àwọn Ṣe Tán, Olùdarí Ò Sí Mọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ pé báńkì kan pín àkáǹtì àwọn oníbàárà rẹ̀ sí dátábéèsì méjì, ọ̀kan lórí sáfà n'Íbàdàn, èkejì l'Ékòó. Bísí ní ₦80,000 nínú ti Ìbàdàn, Tádé ní ₦12,000 nínú ti Èkó. Bísí fẹ́ fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí Tádé. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: kí Ìbàdàn yọ owó, kí Èkó sì fi owó kún un. Bí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀ tí èkejì ò ṣẹlẹ̀, yálà kí owó pòórá tàbí kí owó tí ẹnikẹ́ni ò mú wá hù sínú àkáǹtì. Ká ní dátábéèsì kan ṣoṣo ni, òun nìkan ni ì bá pinnu, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Àmọ́ méjì ni wọ́n, ọ̀kan sì lè kú kí èkejì má mọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ ni ìfọwọ́sí onípele méjì, èyí tí Jim Gray ti ilé iṣẹ́ IBM ṣàlàyé nínú ìwé kan tó kọ ní 1978. Wọ́n á yan ètò kan ṣe olùdarí. Ní ìpele kìíní, olùdarí á bi dátábéèsì kọ̀ọ̀kan pé: ṣé o lè ṣe iṣẹ́ yìí? Dátábéèsì náà á ṣiṣẹ́ ọ̀hún dé ibi tó kù díẹ̀ kó parí, á kọ ọ́ sí orí dísìkì kí iná ọba má baà gbé e lọ, á wá dáhùn pé òun ṣe tán. Ní ìpele kejì, bí gbogbo wọn bá ti sọ pé àwọn ṣe tán, olùdarí á ní kí wọ́n parí rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá kọ̀, tàbí tí kò dáhùn lásìkò, á ní kí gbogbo wọn fagi lé e.

Nínú PostgreSQL, tó jẹ́ dátábéèsì tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, àṣẹ tí olùdarí ń fi ránṣẹ́ rí báyìí:

```
PREPARE TRANSACTION 'gbe-417';
COMMIT PREPARED 'gbe-417';
ROLLBACK PREPARED 'gbe-417';
```

Ti àkọ́kọ́ ni ìbéèrè ìpele kìíní. Ọ̀kan nínú méjì tó kù ni yóò tẹ̀ lé e, èyí tí ìpinnu bá gbé wá.

Ohun tí mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò ni ìdáhùn "mo ṣe tán" yẹn. Kí dátábéèsì tó sọ ọ́, ó lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́, ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ parí iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí èkejì lè ti kọ̀. Kò gbọdọ̀ fagi lé e fúnra rẹ̀, nítorí èkejì lè ti parí tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó dúró lọ. Bó sì ṣe ń dúró, ó ti ti àkáǹtì Bísí pa, kí ẹlòmíràn má baà yí iye tó wà níbẹ̀ padà. Bísí lè wo fóònù rẹ̀ kó rí ₦80,000 bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, torí PostgreSQL kì í ṣèdíwọ́ fún ẹni tó kàn fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kó ní òun fẹ́ gba ₦2,000 péré nínú rẹ̀: ẹ̀rọ á máa yí, kò ní dáhùn.

Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa, ìdúró yìí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tó ti le ni kí olùdarí kú sí àárín ọ̀nà.

Bó bá kú kó tó béèrè ohunkóhun, kò séwu, kò sẹ́ni tó tíì ṣèlérí. Ká wá sọ pé méjèèjì ti ní àwọn ṣe tán. Ohun tó ń sọ ìpinnu di ìpinnu ni ìlà kan ṣoṣo tí olùdarí gbọ́dọ̀ kọ sí dísìkì tirẹ̀, pé gbe-417 ti di píparí, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá kú kó tó kọ ìlà yẹn, nígbà tó bá jí, kò ní rí ohunkóhun nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, á sì pàṣẹ kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà. Bó bá ti kọ ọ́ kó tó kú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, bí kò tiẹ̀ tíì sọ fún ẹnì kankan. Bó bá jí, á rí i, á sì rán àṣẹ. Ẹ wá dúró sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ wo ìkú méjèèjì yìí. Wọn ò yàtọ̀ rárá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà ni.

Ẹnì kan lè ní kí Ìbàdàn béèrè lọ́wọ́ Èkó. Bí Èkó bá ti gba àṣẹ kí olùdarí tó kú, ó lè sọ ohun tó gbọ́, ọ̀rọ̀ sì tán. Bí Èkó náà bá ń dúró, àwọn méjì tí ò mọ nǹkan kan ló pàdé.

Pípa sáfà kí a tún un tàn, oògùn tí gbogbo wa mọ̀, kò ràn án. Orí dísìkì ni ìlérí náà wà, nítorí náà bí sáfà bá jí, àgádágodo náà á jí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó dátábéèsì lè rí irú iṣẹ́ tó há bẹ́ẹ̀ tó bá tẹ èyí:

```
SELECT gid, prepared, database FROM pg_prepared_xacts;
```

Bí àkókò tó wà lábẹ́ `prepared` bá ti lé ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé olùdarí ti kú. Wọn ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe Bísí nìkan ló ń dí lọ́wọ́. PostgreSQL ò lè palẹ̀ àwọn ìlà àtijọ́ mọ́ dáadáa níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀, dátábéèsì á máa wú, bó bá sì pẹ́ jù, ó lè má gba àkọsílẹ̀ tuntun mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ti ètò yìí pa látìbẹ̀rẹ̀: òdo ni wọ́n fi `max_prepared_transactions` sí.

Lójú tèmi, ìgbà tí ewu tóbi jù ni ìgbà tí sùúrù ẹni tó ń bójú tó o bá tán. Ó ti agogo mẹ́wàá kọjá, àwọn oníbàárà ń pariwo, ó bá tẹ `ROLLBACK PREPARED` n'Íbàdàn. Àkáǹtì Bísí ṣí, ariwo rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, olùdarí jí, ó ka ìlà rẹ̀: gbe-417 ti di píparí. Èkó gbọ́, ó ṣe é; Tádé di olówó ₦62,000. Ìbàdàn dáhùn pé òun ò mọ iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bísí ṣì ní ₦80,000. Àpapọ̀ owó àwọn méjèèjì tó jẹ́ ₦92,000 ti di ₦142,000. XA, ìlànà tí ọ̀pọ̀ dátábéèsì àtàwọn olùdarí fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ní kóòdù tirẹ̀ fún irú èyí: `XA_HEURMIX`, pé àwọn kan parí, àwọn kan fagi lé e. Ohun tó yẹ kí ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ ṣe ni kó lọ ka àkọsílẹ̀ tó wà lórí dísìkì olùdarí. Bí ìlà wà níbẹ̀, `COMMIT PREPARED` ni kó tẹ̀ níbi méjèèjì. Bí kò bá sí, tó sì dá a lójú pé olùdarí ti kú ní ti gidi, kó fagi lé e níbi méjèèjì.

Ní 1981, Dale Skeen gbé oríṣi kan kalẹ̀ tó ní ìpele mẹ́ta, kí àwọn tó kù lè máa bá iṣẹ́ lọ bí olùdarí bá kú. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí kò dáhùn ti kú lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, tí ìhà méjèèjì wà láàyè, wọ́n lè ṣe ìpinnu tó tako ara wọn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lónìí ni pé kí olùdarí má jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo mọ́. Nínú Spanner, dátábéèsì tí Google ṣàlàyé fáyé ní 2012, ìpele méjèèjì ṣì wà, àmọ́ orí ẹ̀rọ mélòó kan ni àkọsílẹ̀ olùdarí wà, ìpinnu ò sì fìdí múlẹ̀ àfi bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ti kọ ọ́. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún bá kú, àwọn mẹ́rin á yan aṣáájú, òun náà á sì ka ìlà yẹn. Ohun tó ń ná wọn ni àkókò, nítorí ìpinnu kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò láàárín àwọn ẹ̀rọ náà kó tó di ìpinnu. Bí mẹ́ta bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà nínú márùn-ún, Bísí á tún dúró.