Ẹni tí kò mú ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ yan orin

Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Òwe yìí ni mo fi ń dá ẹjọ́ kan tó ń wáyé nínú ọ̀pọ̀ ilé l'ọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, nígbà tí ẹbí bá kó jọ láti se oúnjẹ ńlá: ta ló láṣẹ lórí sípíkà? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó jókòó sí pálọ̀, tó na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, ni fóònù rẹ̀ so mọ́ sípíkà. Àwọn tó ń gé àlùbọ́sà, tí omi ń dà lójú wọn, kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kó yí orin padà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mú ọ̀bẹ tàbí síbí ìdáná lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ yan orin.

Kì í ṣe nítorí ẹ̀tọ́ nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Orin inú ilé ìdáná ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń ka àkókò fún wa, ó sì lè dí wa létí tí a ò fi ní gbọ́ ohun tí ìkòkò ń sọ. Ẹni tó wà ní pálọ̀ kò lè mọ ìgbà tó yẹ kó dín ohùn rẹ̀ kù. Ẹ jẹ́ ká mú jọ̀lọ́ọ̀fù ìrẹsì kóńgò kan, tí èèyàn 12 lè jẹ yó, ká tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń wá. Ẹnì kan á máa ṣa ìrẹsì, ẹnì kan á máa yọ kóró tàtàṣé, ẹnì kan á máa gé àlùbọ́sà, ẹran á sì ti wà lórí iná kejì. Orin kúkúrú ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ẹ wo àwo orin Àṣàkẹ́ tó jáde ní 2022, Mr. Money with the Vibe: orin 12 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ò sì ju bí ìdajì wákàtí lọ. Orin kan á parí kí ẹnì kan tó gé àlùbọ́sà mẹ́ta tán. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti máa pín yíyan orin: bí o bá gé tìẹ tán, o yan orin kan, o sì gbé ọ̀bẹ fún ẹlòmíràn. Nílé wa, màámi náà ń gba ìpín tiwọn, orin ìyìn Tọ́pẹ́ Àlàbí ni wọ́n sì máa ń yàn. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn, torí gbogbo wa la rí i pé àwọn ló ṣa ìrẹsì.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní níbí. Orin tó bá ń mú èèyàn jó gan-an àti ọ̀bẹ tó mú kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí àwọn ọmọdé bá wà láàárín yín, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ ìdí omi, kí wọ́n máa fọ tòmátò, kí wọ́n sì máa jó síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ata dé. Tàtàṣé, tòmátò, ata rodo mẹ́rin tàbí márùn-ún àti àlùbọ́sà ni a lọ̀ pọ̀. Ẹ má tíì gbé e sínú òróró. Ẹ kọ́kọ́ sè é nìkan nínú ìkòkò tí ẹ kò dé, kí omi rẹ̀ gbẹ. Ó máa gba bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Èyí ni àkókò tí kò sí ohun púpọ̀ láti ṣe ju ká máa rò ó lọ, orin Fẹlá ló sì bá a mu. Water No Get Enemy, tó jáde ní 1975, gba bí ìṣẹ́jú 11. Ẹ gbé e sí ẹ̀ẹ̀mejì, ata á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àmọ́ ẹ má ṣàdédé gbé Fẹlá èyíkéyìí. Lady, tó jáde ní 1972, dùn létí, ó sì gùn ju ìṣẹ́jú 13 lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé obìnrin Áfíríkà gidi ni èyí tó ń se oúnjẹ fún ọkọ, tó sì ń ṣe ohunkóhun tí ọkọ bá sọ. Bí àwọn arábìnrin yín ló dúró ti iná, tí àwọn arákùnrin yín sì wà ní pálọ̀, ẹ gbé orin yẹn sí kí ẹ wo ojú àwọn tó wà nídìí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó fi síbí ìdáná lé àbúrò wa ọkùnrin lọ́wọ́, ó ní, "Ó yá, Áfíríkà gidi, wá ro ata." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rò ó.

Ìgbà tí a bá fẹ́ dín in ló ṣòro jù, ibẹ̀ sì ni ariwo orin ti ń ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ da òróró bíi kọ́ọ̀pù méjì sí ìkòkò ńlá, ẹ dín àlùbọ́sà tí ẹ gé, ẹ fi tòmátò alágolo sí i, kí ẹ ro ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìkan rẹ̀ lè kúrò. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó da ata tó ti gbẹ sí i. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ dín ohùn sípíkà kù títí tí ẹ ó fi máa gbọ́ ìkòkò ju orin lọ. Níbẹ̀rẹ̀, ata náà á máa pariwo, á máa ta sókè, torí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń dín, ariwo yẹn á máa rọlẹ̀ títí yóò fi di ohùn kan tó rọra ń ta lọ láìdúró. Ẹ wojú rẹ̀ nígbà náà: òróró á ti léfòó, àwọ̀ ata á sì ti ṣú díẹ̀. Ó sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ẹ bá fi ariwo bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Ẹ lè yára jù, kí jọ̀lọ́ọ̀fù kan, kó sì máa rùn bí ata tútù. Ẹ sì lè pẹ́ jù, kí ata gbá ìdí ìkòkò kí ìrẹsì tó wọlé rárá. Orin àpàlà Haruna Ishọla tí a rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ dára fún àsìkò yìí. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agídìgbo àti ohùn èèyàn ni, kò sí gìtá tó ń ké lórí rẹ̀, etí á sì ráyè fún ìkòkò.

Láàárín ìgbà yìí, ẹni kejì á ti bọ ìrẹsì fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ, kó ṣì le nínú, á ti ṣàn án, á sì ti sẹ́ ẹ. Ẹ da omi ẹran sí ata, ẹ fi kọ́rì, táìmù, ewé béè àti iyọ̀ sí i, ẹ tọ́ ọ wò. Ó yẹ kí iyọ̀ rẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ díẹ̀, torí ìrẹsì máa gbà nínú rẹ̀. Ẹ da ìrẹsì sí i. Kí omi náà bá orí ìrẹsì dọ́gba, kó má bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ fi bébà fóìlì bo ojú ìkòkò, kí ẹ wá dé e.

Ọ̀tá jọ̀lọ́ọ̀fù báyìí ni ẹni tó ń ṣí ìdérí ní gbogbo ìgbà. Bí ooru bá ń jáde, òkè ìrẹsì á le, ìsàlẹ̀ á jóná. Àwo jùjú ló ń wo àrùn yìí. Nígbà tí Sunny Adé àti Ebenezer Obey ń ṣe àwo jáde nílé níbí ní àwọn ọdún 1970, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n so orin pọ̀ mọ́ra wọn títí tí ojú àwo kan yóò fi tán, bí ìṣẹ́jú 16 sí 20. Àwo tí Sunny Adé ṣe fún ọjà òkè òkun ní 1982, Juju Music, yàtọ̀. Wọ́n gé àwọn orin inú ẹ̀ kúrú, bí ìṣẹ́jú méje ni Ja Funmi. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò gùn tó láti ṣọ́ ìkòkò. Àwo ti ilé ni kí ẹ wá.

Òfin ibẹ̀ kò le: títí ojú àwo kìíní yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìkòkò. Bó bá parí, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi síbí onígi yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ dé e padà, kí ẹ sì gbé ojú kejì sí i. Bí ìyẹn bá ń parí lọ, ẹ tún dín ohùn orin kù, kí ẹ tẹ́tí sí ìdí ìkòkò. Bó bá ṣì ń dún gbọ̀-gbọ̀, omi ṣì wà. Bó bá ń ta pá-pá-pá, omi ti tán. Bí ìrẹsì bá ti rọ̀, ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá ṣì le, ẹ wọ́n omi ẹran gbígbóná síbí ńlá kan sí i, ẹ sì dé e padà. Àbúrò mi máa ń bínú sí àwọn orin gígùn wọ̀nyí. Ó ní, "Màámi, ṣé orin yìí ò ní parí ni?" Màámi á ní, "Ìrẹsì náà ò tíì parí."

Gbogbo ètò yìí lè dàrú nítorí ìpè ẹyọ kan tàbí ìpolówó tó já wọ àárín orin. Ẹ wa àwọn orin sílẹ̀ sórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tẹ Airplane mode, ẹ tan Bluetooth padà bí sípíkà bá ń lò ó, kí ẹ sì pa Shuffle, torí pé ó máa ń da àwo rú. Kí fóònù jìnnà sí ooru ìkòkò, kí ó sì wà níbi tí ẹni tó di síbí mú lè nawọ́ kàn án. Bí ẹni tó wà ní pálọ̀ bá ń bínú pé wọn ò jẹ́ kí òun yan orin, àlùbọ́sà ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀bẹ náà wà níbẹ̀.