Ìrìn Àṣẹ lw Láàárín Ìyípo Aago Márùn-ún

Àwòrán kan wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń kọ́ nípa inú kọ̀ǹpútà. Àpótí pọ̀ nínú rẹ̀, wáyà ń gba orí ara wọn kọjá, orúkọ kéékèèké bíi `IorD` àti `ALUSrcB` sì wà káàkiri. Inú ìwé tí David Patterson àti John Hennessy jọ kọ, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1994, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì yìí náà ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2017. Ohun tí àwòrán náà ń fi hàn ni ẹ̀rọ MIPS kékeré kan tí a ṣe fún ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àṣẹ kan parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ló ń pín in sí ìgbésẹ̀ mélòó kan, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìyípo aago kan.

Àṣẹ tó gùn jù nínú wọn ni `lw`, èyí tó ń lọ mú nọ́ńbà wá láti inú mẹ́mọ́rì. Ìyípo márùn-ún ló ń gbà. Ẹni tó bá lè tọpa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní í rí àṣẹ mìíràn tó máa nira fún un nínú àwòrán náà.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n máa ń fi ìka tẹ̀lé wáyà láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Wáyà kì í dá èèyàn lóhùn, nítorí gbogbo wáyà ló ń gbé nọ́ńbà kan tàbí òmíràn nígbà gbogbo, bóyá ẹnì kan nílò rẹ̀ tàbí kò nílò rẹ̀. Ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn àpótí tó ń rántí nǹkan. `PC` ń tọ́jú àdírẹ́sì àṣẹ tó kàn. `IR` ń tọ́jú àṣẹ tí à ń ṣe lọ́wọ́. Mẹ́mọ́rì wà, àwọn rẹ́jísítà 32 náà wà, `MDR` sì ń gba ohun tí mẹ́mọ́rì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Lẹ́yìn wọn ni `A`, `B` àti `ALUOut`, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó kù, ìyẹn ALU tó ń ṣírò àti àwọn aṣàyàn tó ń pinnu nọ́ńbà tó máa kọjá, kì í rántí ohunkóhun.

Bí oníjó ṣe ń dúró de ìlù kó tó gbé ẹsẹ̀ ni àwọn àpótí tó ń rántí nǹkan ṣe ń dúró de aago. Nọ́ńbà lè máa sáré nínú wáyà láàárín ìró aago kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìgbà tí aago bá ró nìkan ni àpótí tó gba àṣẹ máa tó gbé ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ká máa bi àwòrán náà ní ìyípo kọ̀ọ̀kan: bí aago bá ró báyìí, àpótí wo ni yóò yí padà, kí ni yóò sì wọ inú rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló pín àwọn àmì ìdarí sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń fún àpótí láyè láti gba nǹkan wọlé. `PCWrite`, `IRWrite`, `RegWrite` àti `MemWrite` wà lára wọn. A kò gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀nyí ṣeré rárá: bí a kò bá nílò wọn, 0 ni kí wọ́n wà. Àwọn kejì ń yan ọ̀nà lásán, bíi `IorD`, `ALUSrcA`, `RegDst` àti `MemtoReg`. Bí kò bá sí àpótí tó fẹ́ lo ohun tí wọ́n yàn, kò sí wàhálà, ibi yòówù kí wọ́n kọjú sí. Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. `A`, `B`, `MDR` àti `ALUOut` kò ní àmì tó ń dá wọn dúró. Gbogbo ìgbà tí aago bá ró ni wọ́n ń gba nǹkan tuntun, torí náà ohun tó bá wọ inú wọn kò ní ìdánilójú ju ìyípo kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àṣẹ kan pàtó:

```
lw $t0, 12($s0)
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ mú nọ́ńbà tó wà nínú `$s0`, kó fi 12 kún un, kó lọ sí àdírẹ́sì yẹn nínú mẹ́mọ́rì, kó sì kó ohun tó bá níbẹ̀ wá sínú `$t0`. Ká ní `PC` jẹ́ 400, `$s0` jẹ́ 1000, 77 wà ní àdírẹ́sì 1012, `$t0` sì ti ní 5 nínú tẹ́lẹ̀. Bí àṣẹ náà ṣe rí nínú mẹ́mọ́rì nìyí:

```
100011 10000 01000 0000000000001100
```

Bíìtì 6 àkọ́kọ́ jẹ́ 35, èyí tó sọ pé `lw` ni. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 16, nọ́ńbà rẹ́jísítà `$s0`. Ẹ̀kẹta jẹ́ 8, nọ́ńbà `$t0`. Bíìtì 16 tó kù ni 12 wa.

Ní ìyípo kìíní, ẹ̀rọ kò tíì mọ irú àṣẹ tó fẹ́ ṣe, ó kàn ń lọ gbé e wá ni. `IorD` jẹ́ 0, kí àdírẹ́sì tó lọ sí mẹ́mọ́rì lè jẹ́ ti `PC`. `MemRead` jẹ́ 1, `IRWrite` náà jẹ́ 1. Nítorí pé ALU ì bá jókòó láìríṣẹ́ ṣe lásìkò yìí, a ní kó fi 4 kún 400: `ALUSrcA` jẹ́ 0, `ALUSrcB` jẹ́ 01, `ALUOp` jẹ́ 00 tó túmọ̀ sí àròpọ̀. `PCSource` jẹ́ 00, `PCWrite` sì jẹ́ 1. Nígbà tí aago ró, àṣẹ wa ti wà nínú `IR`, `PC` sì ti di 404.

Ìyípo kejì ni ẹ̀ka ìdarí ń ka bíìtì 6 àkọ́kọ́ láti mọ irú àṣẹ tó dé. Kó tó mọ̀ ọ́n, àwọn rẹ́jísítà méjì tí àṣẹ náà dárúkọ ti jáde: 1000 wọ `A`, 5 wọ `B`. ALU náà ń ṣiṣẹ́ kan tí àṣẹ tiwa kò nílò. `ALUSrcB` jẹ́ 11, nítorí náà ó sọ 12 di ìlọ́po mẹ́rin, ó fi í kún 404, 452 sì wọ `ALUOut`. Ká ní àṣẹ `beq` ló dé ni, 452 ni ì bá jẹ́ ibi tó máa fò lọ. Ẹ̀rọ náà ti ṣe é sílẹ̀ torí pé kò ná an ní nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí 452 níbẹ̀ kó má ṣe rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ìyípo kẹta ni àṣẹ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá yàtọ̀. `ALUSrcA` di 1 kí 1000 tó wà nínú `A` lè wọlé, `ALUSrcB` di 10 kí 12 wọlé bó ṣe wà láìsí ìlọ́po, `ALUOp` ṣì jẹ́ 00. Aago ró, 1012 gba ipò 452 nínú `ALUOut`. Ní ìyípo kẹrin, `IorD` di 1 kí mẹ́mọ́rì lè gba àdírẹ́sì láti inú `ALUOut` dípò `PC`, `MemRead` jẹ́ 1, 77 sì wọ `MDR`. Ní ìyípo karùn-ún, `RegDst` jẹ́ 0 kí nọ́ńbà rẹ́jísítà tó máa gba ẹrù wá láti apá kẹta àṣẹ náà, `MemtoReg` jẹ́ 1 kí ẹrù náà jẹ́ ti `MDR`, `RegWrite` sì jẹ́ 1. Aago ró, `$t0` di 77.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ ni ìyípo kẹrin, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ṣòro jù láti rí máa ń wọlé. Ká ní ẹnì kan gbàgbé, ó fi `IRWrite` sílẹ̀ ní 1 níbẹ̀, bó ṣe wà ní ìyípo kìíní. 77 tó ń jáde láti inú mẹ́mọ́rì kò ní í wọ `MDR` nìkan, yóò wọ `IR` pẹ̀lú, yóò sì lé àṣẹ wa kúrò. Ẹ̀ka ìdarí kò ní í fura, nítorí lẹ́yìn ìyípo kẹta kò tún wo `IR` mọ́ kó tó lọ sí ìyípo karùn-ún. Ṣùgbọ́n apá kẹta `IR`, níbi tó yẹ kí 8 wà, ti di 0, torí pé 77 kéré débi pé kò ní bíìtì kankan lápá ibẹ̀. Rẹ́jísítà 0 ni 77 yóò forí lé. Nínú MIPS, rẹ́jísítà yìí kì í yí padà kúrò ní 0 láé. Ẹrù náà sọ nù nìyẹn, `$t0` ṣì jẹ́ 5, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kéèyàn wo `IR` ní ìyípo karùn-ún. `0x8E08000C` ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ `0x0000004D`, a ti mú `IRWrite`.

Àṣìṣe kejì ni kí `MemtoReg` jẹ́ 0 ní ìyípo karùn-ún. Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé 1012 ni `$t0` máa gbà, nítorí òun ni a fi sínú `ALUOut`. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. `ALUOut` gba nǹkan tuntun ní òpin ìyípo kẹrin. Bí `ALUSrcA` àti `ALUSrcB` bá ti padà sí 0 nígbà yẹn, `PC` àti `B` ni ALU ń ròpọ̀, ìyẹn 404 àti 5, `$t0` yóò sì di 409. Nígbà tí 409 bá fara hàn, ẹni tí kò mọ̀ pé `ALUOut` kì í dúró yóò wá orísun rẹ̀ títí, kò ní í rí i.

Ohun tí àwòrán yìí gbà lérò ni pé mẹ́mọ́rì máa dáhùn láàárín ìyípo kan. Mẹ́mọ́rì gidi lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bó bá pẹ́, ìyípo kẹrin ní láti dúró, `ALUSrcA` àti `ALUSrcB` sì ní láti wà bí wọ́n ṣe wà ní ìyípo kẹta, kí 1012 má bàa pòórá nínú `ALUOut` kí ẹrù tó dé. Àwọn ṣípù MIPS tí wọ́n tà lọ́jà, bíi R2000, kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ báyìí. Ṣe ni wọ́n ń ṣe àṣẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan wà ní ìpele kìíní nígbà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ wà ní ìpele kejì.

Ẹ mú bírò, kí ẹ tọpa `sw $t0, 12($s0)` fúnra yín pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà kan náà. Ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti `lw`. Ní ìkẹrin, `MemWrite` ló máa gba ipò `MemRead`, ẹrù yóò sì jáde láti inú `B`. Ìyípo mẹ́rin ló ń gbà, 5 ló sì gbọ́dọ̀ wà ní àdírẹ́sì 1012 nígbà tí ẹ bá parí. Bí ẹ bá rí `RegWrite` tó jẹ́ 1 níbikíbi nínú iṣẹ́ yín, ẹ padà sí ìyípo yẹn kí ẹ tún un ṣe.