Yáàdì Méjì Ààbọ̀, Fìlà Mélòó?

Lọ́jọ́ kan, mo kọ 1¾ ÷ ½ sójú pátákó ní kíláàsì ìwé karùn-ún, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan bírò. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹnì kan sọ ìtàn kan fún mi tí ìṣirò yìí lè ti inú rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin kan dìde kíá. Ó ní, "Àǹtí, màmá mi ní odidi búrẹ́dì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òmíràn, wọ́n wá pín in sí méjì fún èmi àti àbúrò mi." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìtàn náà dùn mọ́ èmi náà, àmọ́ kì í ṣe ìtàn ohun tó wà lójú pátákó. Bí a bá pín búrẹ́dì yẹn sí méjì, ⅞ búrẹ́dì ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tiẹ̀ tó odidi kan. Bẹ́ẹ̀ 3½ ni ìdáhùn ohun tí mo kọ.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Liping Ma, tó ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà kó tó lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde ní 1999 lórí bí àwọn olùkọ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe mọ ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ọmọ sí. Ìṣirò yìí gan-an, 1¾ ÷ ½, wà lára ohun tí wọ́n bi wọ́n. Nínú olùkọ́ 23 tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, 9 péré ló rí ìdáhùn náà pé pérépéré. Àwọn 72 tó jẹ́ ará Ṣáínà rí i láìku ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n wá ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ìtàn gbé ìṣirò náà kalẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sọ irú ìtàn tí ọmọ kíláàsì mi sọ: wọ́n pín nǹkan náà sí méjì.

Ó yẹ kí èdè wa gba àwa Yorùbá lọ́wọ́ àṣìṣe yìí, tí a bá lè fetí sí i. Bí mo bá ní kí o pín ọsàn méjìlá sí mẹ́ta, òkìtì mẹ́ta lo máa tò, mẹ́rin-mẹ́rin á sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ní kí o pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọsàn mẹ́ta ló máa wà nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, òkìtì náà á sì jẹ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n 4 ni ìdáhùn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè lo ọdún mẹ́rin nílé ìwé láìmọ̀ pé àmì ÷ ní ìtumọ̀ méjì. Ìdá ló máa ń tú àṣírí náà. Ó ṣòro láti pín búrẹ́dì fún ìdajì ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè pín búrẹ́dì ní ìdajì-ìdajì. Nítorí náà, nínú kíláàsì mi, a kì í ka 1¾ ÷ ½ ní "pín in sí ìdajì." A máa ń kà á báyìí pé: pín in ní ìdajì-ìdajì, ó máa jẹ́ mélòó?

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń mú bébà jáde. Mo máa ń gé ojú ewé ìwé àjákọ sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí gígùn gbogbo wọn dọ́gba, mo sì máa ń sọ pé yáàdì aṣọ kan ni ọ̀já kọ̀ọ̀kan. Gígùn tó dọ́gba yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí bí ọ̀já kan bá gùn ju èkejì lọ, ìdajì tibí kò ní jọ ìdajì tọ̀hún, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba ọ̀já mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n pín aṣọ wọn ní ìdajì-ìdajì. Wọ́n á ṣẹ́ ọ̀já kọ̀ọ̀kan ní àárín, wọ́n á kà á: mẹ́fà. Mo ní kí wọ́n tún pín in ní ìdámẹ́rin-ìdámẹ́rin. Wọ́n á tún un ṣẹ́, ó di méjìlá. Nígbà tí mo bá fi máa bi wọ́n nípa ìdámárùn-ún, kò sí ẹni tó ṣì ń ṣẹ́ bébà mọ́. Yáàdì kan ń mú márùn-ún wá, mẹ́ta á mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Ibí yìí ni ìgbàgbọ́ wọn pé pínpín gbọ́dọ̀ mú nǹkan kéré ti máa ń wó. Bí ègé bá ṣe kéré tó ni iye ègé ṣe máa pọ̀ tó.

Títí dé ibí, ọ̀nà tẹ́jú. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń fò sórí òfin ni ìgbà tí nọ́ńbà òkè kì í ṣe 1 mọ́. Èmi máa ń dúró níbẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀já kan ṣoṣo.

Ká ní fìlà kan ń gba ¾ yáàdì. Yáàdì kan rèé lọ́wọ́ wa. A ṣẹ́ ọ̀já náà sí mẹ́rin, a kun ègé mẹ́ta ní àwọ̀ kan, fìlà kan ti wà níbẹ̀. Ègé kan ṣẹ́ kù. Mo bi wọ́n pé, fìlà mélòó ló wà nínú yáàdì kan? Wọ́n ní ọ̀kan, aṣọ díẹ̀ sì kù. Mo ní, díẹ̀ yẹn, tí a bá fi fìlà wọ̀n ọ́n ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló máa ń mú kí kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Fìlà kan ń gba ègé mẹ́ta, ẹyọ kan la ní, a jẹ́ pé ìdámẹ́ta fìlà la ní. Yáàdì kan wá jẹ́ fìlà kan àti ìdámẹ́ta fìlà, èyí tí í ṣe 4/3. Mo kọ 4/3 sí abẹ́ ¾ tí mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ kan pariwo pé, "Àǹtí, ó dorí kodò!"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdá tó dorí kodò yẹn kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣàdédé pàṣẹ. Òun ni ìdáhùn sí ìbéèrè pé, ¾ mélòó ló wà nínú odidi kan. Gbogbo ìdá tó bá ti ju òdo lọ ló ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Ègé mélòó ló wà nínú odidi kan? Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ló máa sọ fún ọ. Ègé mélòó la gbọ́dọ̀ kó jọ kó tó di ìpín kan? Nọ́ńbà òkè nìyẹn.

Bí a bá ti mọ ohun tí yáàdì kan ń mú wá, ìyókù dà bí ọjà. Ẹni tó mọ iye tí kọ́ńgò gàrí kan jẹ́ ti mọ iye tí kọ́ńgò méjì ààbọ̀ máa jẹ́, ìsọdipúpọ̀ lásán ni. Yáàdì kan mú 4/3 fìlà wá, nítorí náà yáàdì méjì ààbọ̀ á mú 2½ × 4/3 wá. Mo máa ń fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é lórí ọ̀já kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n á to ọ̀já méjì àti ààbọ̀, wọ́n á gé gbogbo rẹ̀ ní ìdámẹ́rin-ìdámẹ́rin, wọ́n á ka ègé mẹ́wàá. Iṣẹ́ tí 4 ṣe nìyẹn: ó sọ 2½ di 10. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó ègé mẹ́wàá jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Iṣẹ́ ti 3 nìyẹn. Òkìtì mẹ́ta pé, ègé kan kù.

Orí ègé kan tó kù yìí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ìdajì kíláàsì á kọ 3¼, nítorí ojú wọn ń rí ìdámẹ́rin yáàdì nílẹ̀, òótọ́ sì ni, ìdámẹ́rin yáàdì ni. Àwọn yòókù á kọ 3⅓. Mi ò kì í sọ ẹni tó gbà á. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ìbéèrè ń kà, ṣé yáàdì ni àbí fìlà? Fìlà ni. Ègé kan ṣoṣo náà, bí a bá fi yáàdì wọ̀n ọ́n, ¼ ni. Bí a bá fi fìlà wọ̀n ọ́n, ⅓ ni. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì lè dá a padà: 3⅓ × ¾ jẹ́ 2½ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n 3¼ × ¾ kò pé, ó fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún dín sí iye aṣọ tí a ní.

Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń dé ibi tí kò ti lè gbé wa mọ́. Ká ní aṣọ ⅔ yáàdì ló kù, fìlà náà sì ń gba ¾. Ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin kò bára wọn mu lórí ọ̀já kan. Mo máa ń ya àpótí onígun mẹ́rin sójú pátákó nígbà náà, mo fi ìlà òró pín in sí mẹ́ta, mo fi ìlà ìbú pín in sí mẹ́rin. Yàrá kéékèèké méjìlá ló jáde. ⅔ jẹ́ òpó méjì, yàrá mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8. ¾ jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta, yàrá mẹ́ta-mẹ́ta ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Fìlà ń fẹ́ yàrá 9, 8 la ní, a ní 8/9 fìlà. Ẹ wo ibi tí 8 ti wá: 2 × 4. Ẹ wo ibi tí 9 ti wá: 3 × 3. Ohun kan náà ni ⅔ × 4/3 máa sọ, ojú wa sì ti rí i kí ẹnu wa tó sọ ọ́.

Àwòrán yìí náà ló máa ń mú ẹni tó dorí ìdá àkọ́kọ́ kodò dípò ìkejì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á kọ 3/2 × ¾, á sì rí 9/8. Kí ó tó ṣe ìṣirò rárá, mo ti máa ń bi í pé, ṣé aṣọ yìí tó fìlà kan? Kò tó. A jẹ́ pé ìdáhùn kò gbọ́dọ̀ ju 1 lọ, 9/8 sì ju 1 lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán 7/13 ÷ 5/11, tó jẹ́ yàrá 143. Ẹni tó ti ya méjìlá, tó sì ti kà á, lè fi òfin ṣe ìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo tún kọ 1¾ ÷ ½ sójú pátákó. Ọmọbìnrin onítàn búrẹ́dì ló tún dìde. Ó ní, "Àǹtí, ìdajì-ìdajì ni màmá mi ń ta búrẹ́dì náà. Èèyàn mẹ́ta ti ra tiwọn lọ. Ẹnì kẹrin náà fẹ́ ìdajì, ṣùgbọ́n ìdajì ti ìdajì ló kù."

Mo ní kí ó wá kọ ìdáhùn. Ó kọ 3½.