Ohun Kíkan Ni Kó O Kọ́kọ́ Wá: Bekin Sódà àti Bekin Páúdà

Funfun ni méjèèjì, lẹ́búlẹ́bú sì ni méjèèjì. Bí aláte bá ti di wọ́n sínú ọ̀rá kékeré tí kò kọ nǹkan kan sí i lára, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ṣíbí kan èyí rọ́pò ṣíbí kan tọ̀hún á rí i nínú kéèkì rẹ̀.

Sodíọ̀mù baikabónéètì nìkan ni bekin sódà, kò sí àdàlù kankan nínú rẹ̀. Ohun kíkan ló ń jí i. Tó bá pàdé omi ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà tàbí yógọ́ọ̀tì, á hó yaa, á sì tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì dàóksáídì sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú kéèkì wú. Bí kò bá sí ohun kíkan nínú àpòpọ̀, iná lè mú kó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀, àmọ́ ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ á máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu.

Bekin páúdà ní tirẹ̀ ti gbé ohun kíkan tirẹ̀ dání. Sódà yẹn náà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ásíìdì gbígbẹ, àti ìyẹ̀fun àgbàdo tó ń fa ọ̀rinrin mu kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú agolo. Apòògùn kan ní Bámíńgámù, Alfred Bird, po irú rẹ̀ ní 1843, torí ìyàwó rẹ̀ tí ìwúkàrà kì í bá lára mu. Ọ̀pọ̀ páúdà tó wà lọ́jà lónìí ń hó lẹ́ẹ̀mejì: díẹ̀ nígbà tí omi bá kàn án, èyí tó pọ̀ nígbà tí iná bá rà á. Ìdí nìyẹn tí àpòpọ̀ tó ní páúdà fi lè dúró díẹ̀ de ẹni tó ń dáná. Ti sódà kì í dúró deni.

Ká sọ pé bọ́ọ̀nsì lo fẹ́ dín: ife fúláwà méjì, ṣíbí tíì páúdà méjì. Páúdà ti tán, sódà ló kù. Sódà le ju páúdà lọ dáadáa, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ló ń dípò ṣíbí páúdà kan. Àbọ̀ ṣíbí tíì ló máa tó ọ, kó o sẹ́ ẹ pọ̀ mọ́ fúláwà gbígbẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni ohun kíkan: wọ́n á kán omi ọsàn díẹ̀ sí i, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Fún ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì sódà, ṣíbí ńlá kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ló ń lọ sí i. Ṣíbí ńlá méjì nìyẹn fún bọ́ọ̀nsì wa. Dà á sínú mílíìkì, kó o sì yọ ṣíbí ńlá méjì kúrò nínú mílíìkì náà, kí àpòpọ̀ má baà ṣàn. Mílíìkì á dì bí ẹni pé ó bàjẹ́; má dá a lóhùn. Gbé epo kaná kó o tó da tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ, kó o sì máa dín in lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yìn bọ́ọ̀nsì bá ń dúdú kíákíá tí inú rẹ̀ ṣì tutù, ó ṣeé ṣe kí sódà ti pọ̀ jù, torí sódà máa ń mú kí oúnjẹ tètè pọ́n.

Yíyí i padà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páúdà mẹ́ta ló ń dípò sódà kan. Bí kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ní àbọ̀ ṣíbí tíì sódà, fi páúdà ṣíbí kan àbọ̀ sí i. Kéèkì náà á funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí yógọ́ọ̀tì bá wà nínú rẹ̀, fi mílíìkì lásán dípò, torí sódà tí ì bá pa kíkan rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlànà bá béèrè sódà ṣíbí kan àbọ̀ fún ife fúláwà méjì, èmi ò ní dán an wò: páúdà tó bẹ́ẹ̀ á korò lẹ́nu, kéèkì á sì wú fùkẹ̀, á tún wó láàárín.

Ní ti ọ̀rá aláte, bu díẹ̀ sínú omi tútù. Èyí tó bá hó ni páúdà. Èyí tó bá yọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ láì hó lè jẹ́ sódà, ó sì lè jẹ́ páúdà tó ti kú. Kán omi ọsàn sí i, bó bá wá hó gidi, sódà ni.

Àwọn kan á béèrè kaun, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé òun àti sódà ló jọ ń mú kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Lóòótọ́, irú sódà yẹn wà nínú kaun, ṣùgbọ́n àdàlù ilẹ̀ ni, agbára òkúta kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Kò sí bí a ṣe lè wọn ọ́n fún kéèkì.