Bí Ẹni Méjì Tí Kò Mọra Ṣe Ń Ní Àṣírí Kan Náà Lójú Amí

Bí ẹnìkan bá jókòó sí Ìbàdàn, tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tí kò rí rí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà yóò gba òpó nẹ́tíwọọ̀kì kọjá, yóò gba wáyà abẹ́ òkun, yóò sì dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà WhatsApp kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá lúgọ sí ibikíbi lójú ọ̀nà yìí lè da gbogbo ohun tó ń kọjá kọ. Síbẹ̀, fóònù méjèèjì ti ní nọ́ńbà àṣírí kan náà tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àdìtú, amí kò sì mọ̀ ọ́n. Ta ló gbé nọ́ńbà náà fún wọn? Kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n jọ ṣẹ̀dá rẹ̀ ní gbangba ni.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ gan-an. Ẹni tó ń fi àdìtú ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á ní láti ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí a fi ń dì í, tí a sì fi ń tú u. Láyé àtijọ́, ìjọba máa ń rán òṣìṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán pé kó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ dé ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn lókè òkun. Ẹni tí kò lágbára láti rán irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rí ọ̀nà gbé e gbà, torí bí ó bá fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ lórí wáyà, amí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yóò gbọ́ kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ kò nílò láti rìnrìn àjò rárá. Ralph Merkle, akẹ́kọ̀ọ́ ní Berkeley, ti ń lépa èrò tó jọ ọ́ láti 1974, Hellman fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé ó yẹ kí orúkọ Merkle wà nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Malcolm Williamson ti rí ọ̀nà kan náà ní 1974 níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní GCHQ, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àdìtú, ṣùgbọ́n ìjọba fi í pamọ́ títí di 1997.

Nọ́ńbà kéékèèké lè fi ọ̀nà náà hàn kedere. Ká ní Ṣadé wà ní Ìbàdàn, Délé wà ní Lọ́ńdọ̀nù, amí sì wà láàárín, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan ní gbangba lórí nọ́ńbà méjì, 47 àti 5. Amí gbọ́. Ṣadé wá mú nọ́ńbà kan sínú, 4, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Délé. Ó kọ 5 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra: 5 × 5 × 5 × 5 = 625. Ó fi 47 pín 625, ó ṣẹ́kù 14. Àṣẹ́kù yìí nìkan ló fi ránṣẹ́. Délé náà mú 7 sínú. Ó kọ 5 lẹ́ẹ̀méje, ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó rí 78125. Nígbà tó fi 47 pín in, ó ṣẹ́kù 11, ó sì fi 11 ránṣẹ́. Amí gbọ́ 14, ó gbọ́ 11.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ṣadé mú 11 tó gbà lọ́wọ́ Délé, ó fi nọ́ńbà inú tirẹ̀ ṣe é: 11 × 11 × 11 × 11 = 14641. Ó fi 47 pín in, ó ṣẹ́kù 24. Délé mú 14 tó gbà lọ́wọ́ Ṣadé, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó rí 105413504. Ó fi 47 pín in, òun náà rí 24.

Ohun tó mú kó bára mu ni pé ìṣirò méjèèjì dà bíi kí a kọ 5 ní ìgbà 28, ìyẹn 4 × 7, kí a sì sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ kò yí i padà. Amí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sọ 14 àti 11 tó gbọ́ di púpọ̀, 154 ni yóò rí. Bí ó bá fi 47 pín in, yóò ṣẹ́kù 13, èyí tí kò wúlò fún un. Àfi kó mọ 4 tàbí kó mọ 7. Àṣẹ́kù ló sì ń bo nọ́ńbà wọ̀nyí mọ́lẹ̀: bí ọwọ́ aago bá dúró lórí 3, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè mọ̀ bóyá ó ti yí po lẹ́ẹ̀kan tàbí nígbà ọgọ́rùn-ún.

Lóòótọ́, 47 kéré jù. Amí á gbìyànjú 5 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á rí 5, 25, 31. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, á bá 14. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo nọ́ńbà tó gùn tó dígíìtì 617 dípò 47 nínú iṣẹ́ gidi. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ìṣirò ìlọ kíákíá, ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí ẹni tó tíì rí ọ̀nà kúkúrú tí kọ̀ǹpútà tí a ń lò fi lè ṣe ìṣirò àbọ̀.

Bí nọ́ńbà bá kúrú, ewu ń bẹ. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan fi hàn pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń gba nọ́ńbà dígíìtì 155, àṣẹ́kù òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 sókè tó ní kí àdìtú tí wọ́n ń tà sókè òkun máà lágbára jù. Ohun tó tún burú ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ lára wọn jọ ń lò. Iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lórí nọ́ńbà náà ló mú kí wọ́n lè tú ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Ewu kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú gígùn nọ́ńbà. Amí tó ń gbọ́ lásán kò lè ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n amí tó lè gba ọ̀rọ̀ dúró, kó sì fi tirẹ̀ rọ́pò, lágbára púpọ̀. Ká ní òun náà mú 3 sínú. 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ 125. Bí a bá fi 47 pín in, ó ṣẹ́kù 31. Ó gba 14 Ṣadé dúró, ó fi 31 ránṣẹ́ sí Délé. Ó gba 11 Délé dúró, ó fi 31 ránṣẹ́ sí Ṣadé. Ṣadé ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó rí 18. Délé rí 15. Amí ní méjèèjì lọ́wọ́. Á fi 18 tú ọ̀rọ̀ Ṣadé, á kà á, á fi 15 tún un dì, á sì tì í lọ. Kò sí èyí tó máa fura nínú àwọn méjèèjì, torí ìṣirò náà kò sọ ẹni tó fi nọ́ńbà ránṣẹ́.

Ọ̀nà ìdáàbòbò wà nínú àpẹẹrẹ náà: 18 kì í ṣe 15. Bí Ṣadé àti Délé bá rí ọ̀nà mìíràn fi nọ́ńbà wọn wéra, wọ́n á mọ̀ pé ẹnìkan wà láàárín. Ohun tí WhatsApp ṣe nìyẹn. Fóònù kọ̀ọ̀kan ti fi nọ́ńbà gbangba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, kí ìpàṣípààrọ̀ lè wáyé bí fóònù kejì tilẹ̀ wà ní pípa. Nípa bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn ló ń fa nọ́ńbà Délé lé Ṣadé lọ́wọ́, òun ni Ṣadé sì ní láti gbà gbọ́, àfi bó bá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó ṣí ojú ìwé ìbánisọ̀rọ̀ Délé, kó tẹ orúkọ rẹ̀, kó sì tẹ `Encryption`. Dígíìtì 60 ni yóò rí, tí WhatsApp fà yọ láti inú nọ́ńbà gbangba fóònù àwọn méjèèjì. Délé yóò ṣí tirẹ̀ bákan náà, wọn yóò sì kà á síra wọn létí lójúkojú, tàbí lórí ìpè tí wọ́n ti lè dá ohùn ara wọn mọ̀. Bí ó bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nọ́ńbà láàárín wọn. Dígíìtì náà máa ń yí padà bí ẹnìkan bá ra fóònù tuntun tàbí tó tún WhatsApp gbé sórí fóònù rẹ̀, nítorí náà ìyípadà nìkan kò túmọ̀ sí amí. Ẹni tó bá tan `Show security notifications on this device` yóò rí ìkìlọ̀ ní gbogbo ìgbà tí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, yóò sì lè pe ẹnì kejì láti bi í bóyá fóònù tuntun ni lóòótọ́.