Òdo Kan Yàtọ̀ sí Òdo Méjì

Nọ́ńbà mẹ́rin wà lórí ìlà: 2, 3, 4, 5. Ní àyè kọ̀ọ̀kan, a fẹ́ fi àwọn yòókù sọ ara wọn di púpọ̀. Ẹni tó bá gbára lé pípín yóò há bó bá kan òdo, torí a kì í fi òdo pín nǹkan.

Ẹ má pín rárá. Ní àyè 4, ohun tó wà lósì jẹ́ 2 × 3 = 6; èyí tó wà lọ́tún jẹ́ 5. Ẹ pa wọ́n pọ̀: 6 × 5 = 30.

Bí òdo bá gba ipò 3, àyè òdo nìkan ni yóò ní 2 × 4 × 5 = 40; àwọn yòókù di òdo. Bí òdo bá di méjì, gbogbo àyè ló di òdo, torí ibi yòówù kí ẹ dúró sí, òdo kan á ṣẹ́kù.