Báǹkì Tí Kì Í Gba Èlé Ti Kọ̀wé Pé Rárá: Bí A Ṣe Ń Tún Àkópọ̀ Ètò Òwò Kọ Láti Dá Wọn Lóhùn

Láti ọdún 2012 tí báǹkì Jaiz ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí TAJ àti Lotus sì tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ló ti mọ̀ pé a lè gba ẹ̀rọ iṣẹ́ lọ́wọ́ báǹkì láìfọwọ́ kan ríbà. Ṣùgbọ́n irú báǹkì bẹ́ẹ̀ náà máa ń kọ̀. Bí wọ́n bá kọ ìdí sínú lẹ́tà wọn, kí a má ṣe ju lẹ́tà náà nù. Ìdí yẹn gan-an ni ìbéèrè tó yẹ kí a dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a lo àpẹẹrẹ kan tí a fọwọ́ ara wa tò fún àlàyé, nínú irú òwò tó kún Akọ́kà: ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì nítòsí géètì Yunifásítì Èkó. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ ẹ̀rọ kejì, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Ó bẹ báǹkì pé kí wọ́n fi muràbáhà ṣe é, ìyẹn ni pé báǹkì yóò ra ẹ̀rọ náà, yóò fi èrè tí ẹni méjèèjì mọ̀ lé e, yóò sì tà á fún un láti máa san díẹ̀díẹ̀. Báǹkì kọ̀, wọ́n sì sọ ìdí mẹ́rin: owó tó ní òun ń pa kò hàn nínú àkáǹtì, òwò rẹ̀ gbára lé akẹ́kọ̀ọ́, ó ti san àsansílẹ̀ fún ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, kò sì sí ohun ìdúró.

Àkópọ̀ tuntun kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ. Òkè rẹ̀ ni a ó ti sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà wọn àti ohun tó ti yí padà nínú ohun tí a ń béèrè. Lẹ́yìn náà, a ó da ìdí kọ̀ọ̀kan kọ bí àwọn fúnra wọn ṣe kọ ọ́, a ó sì fi ìdáhùn àti ẹ̀rí sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò wúlò níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé wa yóò gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí kò rí wa rí, ìwé nìkan ni yóò sì bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ ló máa ń ṣubú lu ọ̀pọ̀ oníṣòwò. Ìyá yìí kọ ọ́ pé òun ń pa ₦700,000 lóṣù, àkáǹtì rẹ̀ sì fi ₦190,000 hàn. Irọ́ kọ́ ló pa. Owó ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń san, ibẹ̀ náà ló sì ti ń yọ owó ra bébà. Àlàyé yẹn nìkan kò tó. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ní òǹkà nínú, tó ń ka gbogbo ojú ìwé tó bá ti tẹ̀. Ó ya fọ́tò òǹkà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti ní òpin rẹ̀, fún oṣù mẹ́ta nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20,000 ojú ìwé lóṣù. Ní ₦20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦400,000 nìyẹn. Rísíìtì bébà rẹ̀ fi nǹkan bí 40 dì hàn lóṣù, 500 ewé sì ni dì kan, nítorí náà òǹkà àti rísíìtì bá ara wọn mu. Ìwé ṣíṣe láti orí kọ̀ǹpútà àti ìwé dídì jẹ́ ₦220,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦620,000, kì í ṣe ₦700,000. Ó sọ gbangba pé òun ti dín in kù, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà dé ni ó ti ń san gbogbo owó ọjà sínú àkáǹtì kan ṣoṣo kó tó ná an, oṣù mẹ́ta irú rẹ̀ ló sì so mọ́ ìwé tuntun.

Ìdí kejì ló le jù ní Akọ́kà. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá ń fún báǹkì ní ètò òwò tí owó rẹ̀ kò yí padà láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, àwọn báǹkì mọ̀ pé kò rántí ọdún yẹn. Ìyá yìí wá pín owó rẹ̀ sí méjì. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, ₦620,000 ń wọlé, ₦410,000 ń jáde, ₦210,000 ṣẹ́ kù. Nígbà tí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìdánwò ilé-ìwé àdáni ní Bàrígà àti Ṣómólú, pẹ̀lú káàdì níkà àti wòlímọ̀, ṣì ń mú ₦260,000 wá. ₦190,000 ń jáde, ₦70,000 ṣẹ́ kù.

Ó dín ohun tó ń béèrè kù pẹ̀lú. Ó mú ₦450,000 wá fúnra rẹ̀, ó ku ₦1,350,000 fún báǹkì. Bí èrè báǹkì bá jẹ́ ₦270,000, gbèsè rẹ̀ di ₦1,620,000, ìyẹn ₦90,000 lóṣù fún oṣù 18. Lóṣù tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà ní títì, ₦20,000 ló máa dín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ₦160,000. Nítorí náà ó kọ ọ́ pé òun yóò fi ₦180,000 pamọ́ sí báǹkì kan náà kí ẹ̀rọ tó dé. Ìgbìmọ̀ yóò tún béèrè ohun tí wọn yóò jẹ nílé lákòókò yẹn. Nínú ẹ̀sìn wa, ọkọ ni bíbọ́ ilé wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwé owó oṣù ọkọ rẹ̀ ló fi dá wọn lóhùn.

Ìdí kẹta dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló lè ba muràbáhà jẹ́ pátápátá. Báǹkì kò lè ta ohun tí kò tíì di tirẹ̀. Bí a bá ti bá oníṣòwò ṣe àdéhùn rírà, tí a sì ti sanwó, kí ni báǹkì fẹ́ rà mọ́? Bí wọ́n bá wá kó owó fún wa láti san ìyókù, tí wọ́n sì gba lé e, owó lórí owó ló dà. Ìyá náà gba àsansílẹ̀ rẹ̀ padà, ó gba ìwé pé àdéhùn ti túká, ó sì gba ìwé iye owó tuntun tí wọ́n kọ orúkọ báǹkì sí. Kí a wo ọjọ́ tí ìwé iye owó yẹn yóò kú, nítorí pé owó ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá ń tẹ̀ lé dọ́là.

Fún ìdí kẹrin, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ìdúró. Láti ọdún 2017 ni òfin ti fàyè gbà á láti forúkọ irú ohun ìní tó ṣeé gbé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà síbẹ̀, pẹ̀lú oníduúró kan tó ń gba owó oṣù.

Ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó kọ lẹ́tà náà ni kí a fi í lé, kí a sì gba ẹ̀dà kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí.